Ìdá Márùn-ún Wo Lẹ Fẹ́ Yí Padà?

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn tó ń kọ kóòdù fún àwọn ilé iṣẹ́ Ìkòròdú

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí àyẹ̀wò kóòdù, ìyẹn ni pé kí ẹnì kan ka ohun tí ẹlòmíràn kọ kí ó tó wọ inú ìṣètò tí ilé iṣẹ́ ń lò. Pápá yẹn fẹ̀, kò ṣeé rìn tán ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Ibì kan ṣoṣo ni mo fẹ́ dúró sí níbẹ̀: ohun tó yẹ kí olùyẹ̀wò kọ nígbà tí ẹni tó kọ kóòdù bá ti pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà pé kó wá ohun kan káàkiri, kó sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, tí àṣẹ náà sì lọ kan ohun tí kò yẹ kó kàn.

Ẹ jẹ́ kí n mú àpẹẹrẹ láti inú ohun tí gbogbo wa jọ fojú rí. Kò sí ilé iṣẹ́ kan nínú Ọgbà Ilé Iṣẹ́ Ìkòròdú ní Odògúnyàn tí kì í kọ ìwé owó fún oníbàárà. Ìbáà jẹ́ irin ni wọ́n ń yọ́, ìbáà jẹ́ ike ni wọ́n ń rọ, bí ọjà bá fẹ́ jáde ní géètì, ìwé owó á bá a jáde, owó-orí ọjà tí a ń pè ní fáàtì á sì wà lórí ìwé náà. Nígbà tí fáàtì bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ní ọdún 1994, ìdá 5 nínú 100 ni. Nígbà tó di oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2020, Ààrẹ Muhammadu Bùhárí bu ọwọ́ lu òfin ìnáwó ti 2019, fáàtì sì di ìdá 7.5 nínú 100 láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Èrèlé. Ọjọ́ kẹtàlá oṣù Ṣẹ́rẹ́ ni ó bu ọwọ́ lù ú. Ẹ ṣírò rẹ̀: kò tó ogúnjọ́ tí gbogbo ilé iṣẹ́ ní láti fi tún ìṣètò ìwé owó wọn ṣe.

Irú àkókò báyìí ni àṣẹ ìpààrọ̀ gbogbogbòò máa ń wu èèyàn. Iye kan ti yí padà, iṣẹ́ ti kánjú, ọ̀gá ti ń pè lórí fóònù. Ẹ̀yin náà á sọ pé, kí ló tún kù? Ẹ wá 0.05, ẹ fi 0.075 sí i, ó parí.

Mo fẹ́ ká wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀, ká wò ó ní ìlà ní ìlà. Ilé iṣẹ́ tí mo máa lò kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni, èmi ni mo ṣẹ̀dá rẹ̀ fún àlàyé. Ẹ ní wọ́n ń rọ garawá ike àti ìdérí rẹ̀, wọ́n sì ń tà á fún àwọn alágbàtà. Nínú kóòdù wọn, àwọn ìlà wọ̀nyí wà káàkiri àwọn fáìlì:

```
VAT_RATE = 0.05
WHT_CONTRACT = 0.05
DEALER_DISCOUNT = 0.05
LID_WEIGHT_KG = 0.055
```

Èkíní ni fáàtì. Èkejì ni owó-orí tí ilé iṣẹ́ ń yọ sílẹ̀ fún ìjọba kí ó tó san owó agbaṣẹ́ṣe, ìdá 5 sì ni òun náà ní ọdún 2020 lórí iṣẹ́ bíi títún ẹ̀rọ ṣe. Ẹ̀kẹta ni ẹ̀dínwó tí wọ́n ń ṣe fún alágbàtà, ìyẹn kò kan ìjọba rárá, àdéhùn àárín oníṣòwò méjì ni. Ẹ̀kẹrin ni ìwọ̀n ìdérí kan, gíráàmù 55. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún wá tẹ èyí:

```
git grep -l '0.05' | xargs sed -i 's/0.05/0.075/g'
```

Apá kìn-ín-ní ń to orúkọ gbogbo fáìlì tí 0.05 wà nínú rẹ̀. Apá kejì ń wọ inú wọn, ó sì ń pààrọ̀ gbogbo èyí tó bá rí. Ó tẹ̀ ẹ́ tán, kò sí àṣìṣe kankan tó hàn lójú kọ̀ǹpútà, ó sì fi àyípadà náà ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò pẹ̀lú àkọlé pé òun ti yí iye fáàtì padà.

Kí ni kọ̀ǹpútà ṣe? Ó ṣe gẹ́lẹ́ ohun tí wọ́n ní kó ṣe. Ẹni tó bá dúró ní àárín àdúgbò tó pe "Táíwò!", gbogbo Táíwò tó wà nítòsí ló máa yọjú, nítorí kò sọ Táíwò ilé ta ni. Ìdá 5 ti fáàtì yọjú, ti agbaṣẹ́ṣe yọjú, ti alágbàtà náà yọjú, gbogbo wọn sì di ìdá 7.5. Agbaṣẹ́ṣe tó tún ẹ̀rọ ṣe ní mílíọ̀nù 2 náírà, tó yẹ kí wọ́n yọ ₦100,000 nínú owó rẹ̀, ₦150,000 ni wọ́n máa yọ. Alágbàtà á gba ẹ̀dínwó tí kò sí ẹni tó ṣèlérí rẹ̀ fún un, inú rẹ̀ á sì dùn tó bẹ́ẹ̀ tí kò ní pariwo. Èyí tó ń pariwo kì í pẹ́ tí a fi ń rí i. Èyí tó ń ṣe ẹnì kan láǹfààní, ó lè tó oṣù mélòó kan kí akáńtáǹtì tó kíyè sí i.

Ìdérí ńkọ́? Nínú 0.055, àmì mẹ́rin àkọ́kọ́ ni 0.05. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n fi 0.075 sí i, 5 tó gbẹ̀yìn sì dúró sí àyè rẹ̀. Ó di 0.0755. Ìdérí tó jẹ́ gíráàmù 55 ti di gíráàmù 75 àbọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rọ ìdérí 10,000, tó yẹ kó béèrè fún kílò 550 ohun èlò ike ní ilé ìkẹ́rùsí, ìṣètò náà á sọ fún un pé kílò 755 ni. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ owó-orí ti dé ìdí ẹ̀rọ.

Ibì kan tún wà tó jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ, èyí tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ kì í mọ̀ títí yóò fi kàn wọ́n. Nínú àṣẹ `sed` àti `grep`, pọ́ìntì kì í ṣe pọ́ìntì lásán. Ó túmọ̀ sí "àmì kan, èyíkéyìí tó bá jẹ́". Nítorí náà, `0.05` tí ọmọkùnrin yìí kọ túmọ̀ sí òdo, lẹ́yìn náà àmì kan tó wù kó jẹ́, lẹ́yìn náà òdo, lẹ́yìn náà márùn-ún. Ẹ wá ro ó wò: nọ́ńbà fóònù wo ní Nàìjíríà ló bẹ̀rẹ̀ báyẹn? 0805 ni. 0705 náà ni. 0905 náà ni. Àwọn oníbàárà tó ń lo Glo pọ̀ nínú wọn. Bí fáìlì àpẹẹrẹ oníbàárà bá wà láàárín kóòdù, ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí i nìyí:

```
-alagbata_07,0805xxxxxxx,2020-05-14
+alagbata_07,0.075xxxxxxx,2020.075-14
```

Ìlà tó ní àmì ìyọkúrò níwájú ni ti tẹ́lẹ̀, èyí tó ní àmì ìròpọ̀ ni ti ìsìnyí. Ẹ wo ọjọ́ tó wà níparí rẹ̀ pẹ̀lú. Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Èbìbí 2020 ni, ṣùgbọ́n òdo tó parí ọdún, àmì ìdábùú àárín, òdo àti márùn-ún ti oṣù bá àpẹẹrẹ yẹn mu, ọjọ́ náà sì di ohun tí kò sí kàlẹ́ńdà tó mọ̀ ọ́n. Gbogbo ọjọ́ tó bá bọ́ sínú oṣù Èbìbí ọdún 2020 tàbí 2010 ló máa bá a lọ. Èyí ni mo fi ń sọ pé ẹni tó bá ń yẹ irú àyípadà báyìí wò kò gbọdọ̀ máa ka ohun tí ẹni tó kọ ọ́ ní lọ́kàn. Ohun tí kọ̀ǹpútà gbọ́ ni kó kà.

Kì í ṣe ilé iṣẹ́ kékeré nìkan ni irú èyí ń bá. Ní nǹkan bí ọdún 2001 sí 2002, iléeṣẹ́ Yahoo fẹ́ dáàbò bo àwọn tó ń lo lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà wọn lọ́wọ́ kóòdù olè, ni wọ́n bá ń pààrọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ kan nínú lẹ́tà tó ń wọlé. Ọ̀kan nínú wọn ni `eval`, tí wọ́n sọ di `review`. Wọn ò sọ pé odindi ọ̀rọ̀ nìkan ni kí ó kàn. Bí ẹnì kan bá kọ `medieval` nínú lẹ́tà rẹ̀, `medireview` ni ẹni tó gbà á máa kà. Ọ̀rọ̀ tí kò sí ní èdè kankan yìí wá tàn dé inú ìwé àwọn èèyàn tí wọ́n ti da ohun tó wà nínú lẹ́tà kọ.

Ẹ má rò pé bí àṣẹ bá ti fẹ̀ jù, kò ní fi ohunkóhun sílẹ̀. Ohun tó yẹ kó mú gan-an ló máa ń bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Nínú fáìlì tó ń ṣe àròpọ̀ ìwé owó, ẹni tó kọ kóòdù nígbà kan rí lè ti kọ ọ́ báyìí:

```
total = price * 1.05
```

Fáàtì gidi nìyí, ṣùgbọ́n ọ̀kan ló bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe òdo, àṣẹ náà sì kọjá lára rẹ̀. Ibòmíràn lè wà tí wọ́n kọ `5 / 100`. Bébà ìwé owó fúnra rẹ̀ lè ní `VAT 5%` tí a tẹ̀ mọ́ ọn. Nítorí náà, garawá ₦400,000 tí alágbàtà rà, lórí ìwé owó rẹ̀, ìlà fáàtì á sọ pé ₦30,000, àròpọ̀ ìsàlẹ̀ á sì sọ pé ₦420,000. Ẹni tó bá mọ ìṣirò á bi wọ́n léèrè ibi tí ₦10,000 wọlé sí. Àṣẹ kan ṣoṣo ti ba nọ́ńbà fóònù jẹ́, ó sì fi fáàtì sílẹ̀.

Ẹnì kan lè sọ pé, ṣé kóòdù kì í ní ìdánwò tí kọ̀ǹpútà ń ṣe fúnra rẹ̀ ni? Ó ní. Àmọ́ ẹ wo ọ̀nà tí ìdánwò gbà di ẹlẹ́rìí èké. Ìlà yìí wà nínú fáìlì ìdánwò, láti rí i dájú pé owó tí a ń yọ lọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe kò yí:

```
assert wht_contract(1) == 0.05
```

Fáìlì ìdánwò náà wà lára àwọn tí `git grep` tò sílẹ̀. Àṣẹ ìpààrọ̀ wọ ibẹ̀, ó sọ 0.05 di 0.075. Kóòdù ti yí, ìdánwò tó yẹ kó mú un ti yí pẹ̀lú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn méjèèjì sì wá bára mu. Àmì aláwọ̀ ewé á yọ, gbogbo èèyàn á fọkàn balẹ̀. Nígbàkigbà tí mo bá rí i pé àyípadà kan fọwọ́ kan kóòdù àti ìdánwò rẹ̀ nípa àṣẹ kan ṣoṣo, mi ò ka àmì aláwọ̀ ewé yẹn sí nǹkankan mọ́. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin náà máa ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó kan olùyẹ̀wò wàyí. Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kó ṣe ni kó wo iye fáìlì tí àyípadà náà kàn kó tó ka ohun tó wà nínú wọn. Àṣẹ yìí ló ń fi hàn:

```
git diff --stat main...HEAD
```

Àkọlé sọ pé iye fáàtì yí padà. Iye kan ni, ibi kan tàbí méjì ló yẹ kó wà. Bí ó bá wá jẹ́ fáìlì mẹ́rìnlá ló yọjú, tí fáìlì ìwọ̀n ìdérí àti ti oníbàárà sì wà nínú wọn, ìdáhùn ti wà níwájú rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni kó wá lo `git diff --word-diff main...HEAD`, èyí tó ń fi gẹ́lẹ́ ọ̀rọ̀ tó yí hàn láàárín ìlà, nítorí ojú tó bá ń ka odindi ìlà méjì tó fẹ́ jọra kì í pẹ́ rẹ̀wẹ̀sì.

Kí ni kó kọ? Mo ti rí àwọn olùyẹ̀wò tó kàn ń kọ "ó fẹ̀ jù" tí wọ́n á sì lọ. Ìyẹn kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ẹni tó kọ kóòdù kò mọ ibi tó ti fẹ̀, á wá máa fi ọwọ́ tún èyí tó bá rí ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ àyẹ̀wò tó dára a máa tọ́ka sí ìlà kan tó ti bàjẹ́, a máa sọ ìdí tó fi bàjẹ́, a sì máa sọ bí ààlà tuntun ṣe yẹ kó rí. Èyí ni irú èyí tí èmi máa kọ:

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Àṣẹ yìí ń wá bí iye ṣe rí, kò mọ iṣẹ́ tí iye náà ń ṣe. Ẹ wo `WHT_CONTRACT`: òfin tuntun kò kan án, síbẹ̀ ó ti di 0.075. Ẹ tún wo ìlà `alagbata_07` nínú fáìlì oníbàárà: nọ́ńbà fóònù ti bàjẹ́, nítorí pé ẹ kò fi `\` ṣíwájú pọ́ìntì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá gbogbo rẹ̀ padà sí bó ṣe wà, kí ẹ má fi ọwọ́ tún un ṣe. Kí àyípadà tuntun kan `VAT_RATE` nínú `tax.py` nìkan. Lẹ́yìn náà, ẹ bá wa wá àwọn ibi tí fáàtì fara pamọ́ sí, bíi `1.05` nínú ìròpọ̀ ìwé owó, kí ẹ sì mú un lo `VAT_RATE`. Ìlà ìdánwò agbaṣẹ́ṣe kò gbọ́dọ̀ yí."

Ẹ kíyè sí ibi tí mo ti ní kó dá gbogbo rẹ̀ padà. Àwọn kan máa ń rò pé ìyà ni. Kì í ṣe ìyà. Ẹni tó bá ń tún àṣìṣe ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan, kìkì èyí tí ojú rẹ̀ rí ló lè tún ṣe, èyí tí kò rí á dúró síbẹ̀ lábẹ́ orúkọ rẹ̀. `git restore --staged --worktree .` á dá iṣẹ́ tí kò tíì wọ àkọsílẹ̀ padà sí bó ṣe wà. Bí ó bá ti wọ àkọsílẹ̀, `git revert` ló máa lò. Ó rọrùn ju kéèyàn máa wá abẹ́rẹ́ nínú fáìlì mẹ́rìnlá lọ.

Àṣẹ tó mọ ààlà rẹ̀ á wá rí báyìí:

```
sed -i 's/^VAT_RATE = 0\.05$/VAT_RATE = 0.075/' tax.py
```

Àmì `^` ń sọ pé ìbẹ̀rẹ̀ ìlà ni. Àmì `$` ń sọ pé ìparí ìlà ni, nítorí náà kò sí ohun tó lè so mọ́ ọn níwájú tàbí lẹ́yìn. `\.` sọ pọ́ìntì di pọ́ìntì lásán. Orúkọ `VAT_RATE` ló ń sọ iṣẹ́ tí iye náà ń ṣe, orúkọ fáìlì tó wà níparí sì ń sọ pé kí ó má kọjá ibẹ̀. Bí a bá yọ orúkọ náà kúrò, tí a kàn fi `\b0\.05\b` sọ pé odindi nọ́ńbà nìkan ni kó mú, ìdérí àti fóònù á bọ́, ṣùgbọ́n agbaṣẹ́ṣe àti alágbàtà á ṣì wà nínú ewu. Dídín ohun tí àṣẹ ń wá kù kò tó. Mo ti rí àwọn olùyẹ̀wò tó gba irú àtúnṣe àárín yìí, tí wọ́n rò pé iṣẹ́ ti parí.

Ẹni tó kọ kóòdù lè yarí. Ó lè ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo ti wo gbogbo rẹ̀, kò sí wàhálà." Ẹ má bá a jà. Ẹ ní kó tẹ `git grep -n '0\.05'` lórí kóòdù àtijọ́, kó sì kọ ọ̀rọ̀ kan sí ẹ̀gbẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan tó bá yọ: fáàtì, agbaṣẹ́ṣe, ẹ̀dínwó, ìwọ̀n. Bí ó bá ń kọ ọ́ ni òun fúnra rẹ̀ á máa rí i. Àkójọ yẹn ṣe pàtàkì ju àríyànjiyàn lọ, nítorí akáńtáǹtì tí kò mọ kóòdù rárá lè kà á, kó sì sọ pé, "Èyí kì í ṣe fáàtì."

Ohun kan wà tí olùyẹ̀wò tó gbọ́n gbọ́dọ̀ tún béèrè, òun ló sì máa ń ṣòro jù fún àwọn ọ̀dọ́. Ṣé ìpààrọ̀ tiẹ̀ ni ohun tó yẹ ká ṣe? Oníbàárà tó ra garawá ₦400,000 ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2020, fáàtì rẹ̀ jẹ́ ₦20,000, ó sì san ₦420,000. Ní oṣù Òkúdù, ó ní ìwé òun sọnù, kí wọ́n bá òun tẹ òmíràn. Bí ìṣètò náà bá ń ṣírò fáàtì lákọ̀tun nígbà tó bá ń tẹ̀wé, tó sì jẹ́ pé iye kan ṣoṣo ló mọ̀, ₦430,000 ni ìwé tuntun náà máa sọ. Ilé iṣẹ́ á wá ní ìwé méjì fún ọjà kan, èyí tí kò bá ara mu, olùyẹ̀wéwò ìjọba á sì béèrè ₦10,000 tí ẹnikẹ́ni kò gbà. Ìdá 5 kò tíì kú. Ó ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí àwọn ìwé àtijọ́. Ohun tó tọ́ ni kí ọjọ́ ọjà pinnu iye:

```
def vat_rate(day):
    if day < date(2020, 2, 1):
        return Decimal("0.05")
    return Decimal("0.075")
```

Nígbà náà, ọ̀rọ̀ àyẹ̀wò tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú pé "ẹ dín in kù" ti wá di "ẹ má pààrọ̀ rẹ̀, ẹ fi kún un." Ọjọ́ wo ló yẹ ká lò, ọjọ́ tí ọjà jáde ni àbí ọjọ́ tí a kọ ìwé? Akáńtáǹtì ló máa dáhùn ìyẹn, kì í ṣe ẹni tó ń kọ kóòdù.

Ìtàn fáàtì fúnra rẹ̀ kọ́ wa ní ìdí mìíràn. Ní oṣù Èbìbí 2007, nígbà tí ìjọba Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ń parí lọ, wọ́n gbé fáàtì láti ìdá 5 sí ìdá 10. Àwọn òṣìṣẹ́ fárí gá, ìjọba Yar'Adua sì dá a padà sí 5 ní oṣù Òkúdù. Ká ní ẹnì kan sọ gbogbo 0.05 di 0.10 ní oṣù Èbìbí, báwo ló ṣe máa padà? Bí ó bá sọ gbogbo 0.10 di 0.05, owó-orí tí wọ́n ń yọ lórí owó ilé, tí ó ti jẹ́ ìdá 10 tẹ́lẹ̀, á bá a lọ. Kò sí ohun tó fi hàn mọ́ pé 0.10 yìí ló wà tẹ́lẹ̀, tí èyí sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ìpààrọ̀ gbogbogbòò kò ní ọ̀nà àbọ̀ tirẹ̀. Àkọsílẹ̀ `git` nìkan ló lè gbà wá, bí a bá sì ti da àwọn iṣẹ́ míì pọ̀ mọ́ ọn nínú àkọsílẹ̀ kan náà, kò ní rọrùn láti yà wọ́n.

N kò sọ pé ìpààrọ̀ tó kárí gbogbo fáìlì burú nígbà gbogbo. Bí a bá fẹ́ yí orúkọ iṣẹ́ kan padà, tí orúkọ náà gùn tó sì yàtọ̀, bíi `compute_dealer_discount`, ó lè kan fáìlì ogójì, kò sí wàhálà. Ohun tí mo máa béèrè lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́ ni pé kó dá àyípadà náà dúró gedegbe, kó má fi iṣẹ́ míì kún un, kó sì kọ àṣẹ tó lò gan-an sínú àlàyé rẹ̀. Olùyẹ̀wò á lè tẹ àṣẹ náà lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, kó sì wò bóyá ohun kan náà ló jáde. Bí ó bá bá a mu, kò nílò láti ka fáìlì ogójì lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá bá a mu, a jẹ́ pé ọwọ́ ti kan ibì kan tí wọn ò sọ.

Ká padà sí ọ̀dọ́mọkùnrin wa. Ó dá iṣẹ́ padà, ó ṣe àkójọ, ó sì fi àyípadà kejì ránṣẹ́. Fáìlì mẹ́rin ló kàn lọ́tẹ̀ yìí: `tax.py` tó ní iṣẹ́ `vat_rate` nínú, fáìlì ìwé owó tí `1.05` ti kúrò níbẹ̀, bébà ìwé owó tó ń kọ iye tí wọ́n bá fún un dípò `5%` tí a tẹ̀ mọ́ ọn, àti ìdánwò tuntun méjì, ọ̀kan fún ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2020, èkejì fún ọjọ́ kejì rẹ̀. Ìdánwò agbaṣẹ́ṣe kò yí. Olùyẹ̀wò fi àkójọ náà ránṣẹ́ sí akáńtáǹtì, obìnrin náà fàmì sí ìlà fáàtì gbogbo, ó sì kọ ìbéèrè kan sí ẹ̀gbẹ́: àwọn ọjà tí wọ́n ti gba owó rẹ̀ ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ àmọ́ tí kò jáde ní géètì títí di oṣù Èrèlé ńkọ́? Wọn ò fi àyípadà náà wọlé títí wọ́n fi dáhùn rẹ̀.